Aṣọ Funfun Nínú Ooru Mayámì: Òwú àti Pọliẹ́sítà Lára Ìyàwó

Ní agogo méjì ọ̀sán kan nínú oṣù Kẹjọ, ìyàwó kan dúró sí ibùdókọ̀ ní Mayámì. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbé òrìṣà lé e lórí. Funfun ni gèlè rẹ̀, funfun ni ìborùn, bùbá ọlọ́wọ́ gígùn, síkẹ́ẹ̀tì tó gùn dé kókósẹ̀, tòbí abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, títí kan ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó wọ̀ sẹ́sẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó dé, bùbá ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, òyì sì ti ń kọ́ ọ. Ó wọ inú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ sí i lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí yóò fi dé ilé, ooru ti sú u lára láti abẹ́ ọmú dé ìbàdí. Ó pe ojúgbọ̀nà rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ṣé mo lè bọ́ ìborùn yìí tí mo bá wà níta?"

"Rárá o, ìyàwó. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé. Ṣùgbọ́n kó gbogbo aṣọ náà wá lọ́la, kí n wò wọ́n."

Ní ọjọ́ kejì, ojúgbọ̀nà yí gbogbo aṣọ náà sí òdì, ó sì ń ka ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọrùn àti ìbàdí wọn. Pọliẹ́sítà ni bùbá, kò sí òwú kankan nínú rẹ̀. Pọliẹ́sítà ni tòbí. Pọliẹ́sítà ni ìborùn. Náílọ́nù ni ìbọ̀sẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n kọ òwú sí lára, ṣùgbọ́n aṣọ dídán tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe òwú. Yàtọ̀ sí gèlè, kò sí òwú kankan tó kan ara ìyàwó náà láti òkè délẹ̀. Kò sì ṣe ohun tí wọn kò ní kó ṣe. Ìwé tí wọ́n kọ àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ rà sí sọ àwọ̀ aṣọ, ó sọ bí yóò ṣe gùn tó, kò sọ ohun tí wọ́n fi hun ún.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Lukumi, ọdún kan àti ọjọ́ méje ni ìyàwó fi ń wọ funfun. Ẹni tó bá ń gbé Mayámì tàbí Hàfánà kò lè sá fún oṣù tí ooru àti ọ̀rinrin pàdé láàárín ọdún bẹ́ẹ̀. Aṣọ náà kò ṣe é bọ́, kò sì ṣe é gé kúrú. Ohun tí a lè yàn ni fọ́nrán rẹ̀, bí wọ́n ṣe hun ún, àti èyí tí a fi sún mọ́ ara jù.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa, ẹ jẹ́ ká ronú kan àmù, ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń pọn omi sí. Omi inú àmù máa ń tutù nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni omi ń ṣẹ́ jáde lára amọ̀ náà, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Bí omi náà ṣe ń fẹ́ lọ ló ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, omi àmù a tutù bíi yìnyín. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, àmù kan náà, omi kan náà, kì í tutù bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì pọn omi sínú ike, kò ní tutù rárá, nítorí pé ohunkóhun kò lè ṣẹ́ jáde lára ike.

Bí ara ènìyàn ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Lítà òógùn kan tó bá gbẹ tán lójú ara lè gbé ooru tó tó kílókálórì 580 kúrò lára. Èyí tó bá kán sílẹ̀ kò gbé nǹkan kan lọ. Ní Mayámì nínú oṣù Kẹjọ, ooru ọ̀sán máa ń tó ìwọ̀n 32 tàbí 33 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ sì kún fún ọ̀rinrin bí ìgbà òjò wa. Nítorí náà òógùn ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ìlọ́ra ló fi ń gbẹ. Ẹni tó wà ní aṣálẹ̀ Arisónà lè làágùn kí ó má tilẹ̀ mọ̀, torí pé òógùn ń gbẹ bó ṣe ń jáde. Ẹni tó wà ní Mayámì yóò mọ̀. Ibẹ̀ ni aṣọ ti lè ràn án lọ́wọ́ tàbí kí ó dí i lọ́nà.

Òwú jẹ́ fọ́nrán tó ń mu omi sínú ara rẹ̀. Nínú yàrá tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 65 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 100 òwú ti mu omi tó tó gíráàmù 7 sí 8, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, gbígbẹ ni yóò rí. Gíráàmù 100 pọliẹ́sítà nínú yàrá kan náà kò mu tó ìdajì gíráàmù kan. Kò yani lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì méjì ló gba ìwé àṣẹ lórí fọ́nrán yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941, láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ike omi tí à ń rà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Bùbá pọliẹ́sítà jẹ́ ike tí wọ́n fà di òwú tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì hun.

Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí òwú fi máa ń rọ ara lọ́rùn nígbà tí òógùn kò tíì pọ̀. Kí òógùn tó di omi tí à ń rí, ọ̀rinrin ti ń jáde lójú ara. Òwú a gba ọ̀rinrin yẹn sínú ara rẹ̀, ààrín ara àti aṣọ a sì gbẹ. Pọliẹ́sítà kò lè gbà á. Ọ̀rinrin náà yóò há sábẹ́ aṣọ, ara yóò sì máa ṣe ènìyàn bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rá wé e.

Ṣùgbọ́n kí á má fi òwú ṣe ohun tí kò jẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé tòbí ìyàwó yẹn yẹ̀ wò. Ká ní òwú ni, ká sì ní ó wọn gíráàmù 200. Láti ìgbà tí ó ti gbé e wọ̀ nínú ilé títí di ìgbà tí abẹ́ aṣọ rẹ̀ fi kún fún ọ̀rinrin níta, tòbí yẹn lè gba omi bíi ṣíbí ìjẹun kan sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Ẹni tó ń rìn nínú oòrùn Mayámì lè làágùn ìdajì lítà láàárín wákàtí kan. Ṣíbí kan yẹn kò lè gba òun ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, òwú yóò rin, yóò sì máa mu omi sí i láàárín àwọn fọ́nrán rẹ̀ títí tí yóò fi wúwo. Fọ́nrán rẹ̀ yóò wú, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá yóò dín. Aṣọ tó rin yóò lẹ̀ mọ́ itan, yóò sì máa ha ara.

Ibí yìí ni àwọn tó ń ta aṣọ eré ìdárayá ti máa ń sọ pé pọliẹ́sítà ló dára jù. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nítorí pé fọ́nrán pọliẹ́sítà kì í mu omi, omi tó bá wà lára rẹ̀ kò wọlé, ojú rẹ̀ ló ń sá lé. Tí wọ́n bá hun ún bí àwọ̀n, tí wọ́n sì ṣe fọ́nrán rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òógùn yóò tàn káàkiri lójú aṣọ, yóò sì tètè gbẹ ju ti òwú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jó fún wákàtí mẹ́ta níwájú bàtá lè rí i pé síńgílẹ́ẹ̀tì irú èyí lábẹ́ aṣọ rẹ̀ kò ní wúwo bíi ti òwú. Ṣùgbọ́n aṣọ eré ìdárayá kọ́ ni wọ́n ń tà fún ìyàwó. Sátíìnì dídán tí wọ́n hun pọ̀ gírígírí ni wọ́n ń tà fún un. Kò mu omi, afẹ́fẹ́ kò sì ráàyè gba inú rẹ̀. Àléébù ike ló ní, kò ní àǹfààní àwọ̀n.

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe hun aṣọ lágbára ju orúkọ fọ́nrán lọ. Afẹ́fẹ́ kì í gba inú fọ́nrán kọjá, ààrín òwú kan sí èkejì ló ń gbà. Kíjìpá tó nípọn jẹ́ òwú pọ́ńbélé, síbẹ̀ tí ẹ bá gbé e ka ẹnu tí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, díẹ̀ ni yóò yọ lódì kejì. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ yóò jẹ́ kí èémí kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn olùwádìí tó ti fi òwú àti pọliẹ́sítà wé ara wọn lára àwọn tó ń sáré nínú ooru, tí aṣọ méjèèjì sì jọra ní híhun, sábà máa ń rí i pé ooru inú ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí aṣọ náà ṣe ń ṣe ènìyàn lára ló máa ń yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń pa ooru mọ́. Ohun tó ń pa ooru mọ́ lára aṣọ ni afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan, ìbáà ṣe láàárín fọ́nrán tàbí láàárín aṣọ kan sí òmíràn. Bí aṣọ bá ti ń gorí aṣọ ni afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Láti ìbàdí ìyàwó yẹn lọ sísàlẹ̀, ìpele mẹ́rin ló wà: ìbọ̀sẹ̀, tòbí, aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú síkẹ́ẹ̀tì, àti síkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú yẹn kò wúlò fún un, torí pé tòbí ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ojúgbọ̀nà mú sáàsì, ó sì tú u kúrò.

Àwọn ìyá ní Bàhíà mọ ọgbọ́n kan lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà ni wọ́n ń wá. Ìpele tòbí tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì nínú Kandomblé pọ̀, wọ́n sì máa ń fi sítáàṣì sí i kí ó lè le. Ènìyàn yóò rò pé ooru á pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí pé tòbí náà le, ó ń gbé síkẹ́ẹ̀tì jìnnà sí ẹsẹ̀. Bí ìyá náà bá gbésẹ̀, tàbí tí ó yí nínú ijó, síkẹ́ẹ̀tì a fẹ́, a tún padà, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, a sì máa ti afẹ́fẹ́ gbígbóná síta. Ohun tí agbádá ń ṣe fún ọkùnrin náà nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan o: sítáàṣì yẹn ń dí ihò aṣọ. Ó yẹ tòbí tó jìnnà sí ara, kò yẹ bùbá tó kan ara. Ẹni tó bá fi sítáàṣì sí bùbá òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ohun tó tìtorí rẹ̀ rà á.

Gbígbọ̀n tí ìyàwó náà gbọ̀n nínú bọ́ọ̀sì ní ìdí tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ tutù, ó sì gbẹ. Òógùn tó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ tí kò ráàyè gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ara kò nílò rẹ̀ mọ́. Lórí èyí, òwú tó rin burú ju pọliẹ́sítà lọ, nítorí pé omi tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù, yóò sì pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹni tó ń wọ òwú nílùú tó kún fún ẹ̀rọ amúlétutù nílò síńgílẹ́ẹ̀tì kejì nínú báàgì rẹ̀. Pípààrọ̀ aṣọ tó kan ara, nínú ilé ìwẹ̀ tí a tilẹ̀kùn rẹ̀, kò ba èèwọ̀ kankan jẹ́ ní ilé tí ojúgbọ̀nà yìí ti wá. Kí oníkálukú bi ilé tirẹ̀.

Kí ojúgbọ̀nà tó rán ìyàwó lọ sọ́jà, ó kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń mọ aṣọ láìka ìwé ọrùn rẹ̀, torí pé aṣọ tí wọ́n ń gé ní yáàdì kì í ní ìwé kankan, ẹni tó ń tà á sì lè pe ohunkóhun ní òwú. Ó kán omi ẹyọ kan sórí tòbí àtijọ́ náà. Omi náà dúró roboto, ó ń yí kiri bí omi orí ewé kókò. Ó kán òmíràn sórí gèlè. Gèlè mu ún lójú ẹsẹ̀, ó sì tàn ká.

"Ṣé gbogbo ìgbà ni yóò máa ṣe báyìí, ìyá mi?"

"Tí òwú bá ṣì tuntun, tí oje ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, omi lè dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ná, kí o tó dán an wò. Má sì fi ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀ ọ́. Ó ń fi ọ̀rá bo fọ́nrán, kì í jẹ́ kí òwú mumi."

Bí iyèméjì bá ṣì wà, iná ló ń sọ òótọ́. Wọ́n fa òwú ẹyọ kan yọ létí aṣọ, wọ́n fi ẹ̀mú irin dì í mú lórí abọ́ irin, wọ́n ṣá iná sí i. Òwú a jó bí ìwé, a rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ a sì rọ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́. Pọliẹ́sítà a kọ́kọ́ súnkì sá fún iná, a yọ́, a kán, bó bá sì tutù, a di kóró dúdú líle tí ìka kò lè fọ́. Bí ìyí méjèèjì bá hàn pọ̀, àdàlù ni. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì tí ọ̀pọ̀ ìyàwó máa ń rà nítorí pé kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni pọliẹ́sítà. Kò burú tó sátíìnì, kì í sì í rún, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè é ní òwú. Yíyọ́ tí pọliẹ́sítà ń yọ́ yẹn tún jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá àbẹ́là lójoojúmọ́ mọ̀. Bó bá yọ́ sí ara, ó ń lẹ̀ mọ́ awọ ni.

Ọ̀rọ̀ òórùn náà kò ṣe é fò. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Gẹ́ńtì ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù gba aṣọ tí ènìyàn 26 fi ṣe eré ìdárayá, wọ́n tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n sì ní kí àwọn kan gbóòórùn rẹ̀. Aṣọ pọliẹ́sítà rùn ju ti òwú lọ. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní maikirokọ́kọ́ọ̀sì ló rí ibùgbé lára pọliẹ́sítà. Òróró ara a sì máa lẹ̀ mọ́ irú fọ́nrán yìí ju òwú lọ, ọṣẹ àti omi tútù kì í sì í tètè mú un kúrò. Ẹni tó ní bùbá funfun méjì péré, tó ń fọ ọ̀kan lálẹ́ láti wọ̀ ọ́ lọ́tùn-únla, yóò ti kíyè sí i. Òwú funfun ṣe é fi omi gbígbóná fọ̀, ṣe é sá sóòrùn, ó sì gba irin gbígbóná.

Ohun tí ojúgbọ̀nà àti ìyàwó pàpà ṣe kò gba owó púpọ̀. Wọn kò da gbogbo aṣọ náà nù. Wọ́n yí èyí tó kan ara padà lákọ̀ọ́kọ́: síńgílẹ́ẹ̀tì òwú mẹ́ta tí kò fún un mọ́ra, àti tòbí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn kọjá orúnkún, kí itan má baà máa ha ara wọn. Wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ òwú tó dé orúnkún rọ́pò ti náílọ́nù tó dé ìbàdí, lẹ́yìn tí ìyálórìṣà ilé ti fọwọ́ sí i. Wọ́n rán bùbá méjì tuntun láti ara òwú tí èémí ń gba inú rẹ̀, abẹ́ apá rẹ̀ sì fẹ̀. Funfun tó fẹ́lẹ́ máa ń fi ara hàn bó bá rin, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sá lọ bá sátíìnì, ṣùgbọ́n síńgílẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ ti yanjú ìyẹn. Síkẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ pọliẹ́sítà wà nílẹ̀, ó fẹ̀, ó sì fúyẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀, torí pé tòbí ti wà láàárín òun àti ara. Ìborùn pọliẹ́sítà di ti inú ilé ìtajà tó tutù. Èyí tó ń mú jáde sínú oòrùn jẹ́ òwú tí wọ́n hun ní ihò ihò.

Àwọn kan nínú ilé náà bi í pé ṣé Ọbàtálá kò gba pọliẹ́sítà ni. Ojúgbọ̀nà ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òwú ni wọ́n fi ń bo Ọbàtálá lórí pẹpẹ, òun kò sì rí ìdí tí ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ fi ní láti máa wọ ike. Ẹni tó bá fẹ́ lè bá a jiyàn.

Ooru sísú náà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó ṣì ń làágùn ní ibùdókọ̀, kò sí aṣọ tó lè gbé ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ Mayámì. Ní ọjọ́ tí ooru bá le jù, ojúgbọ̀nà ti kìlọ̀ fún un kó má jáde láàárín ọ̀sán, kó máa mumi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, àti pé bí orí bá ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò bá lọ geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ, kó má dúró bi ẹnikẹ́ni bóyá òun lè tú aṣọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì kejì wà nínú báàgì rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ó máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, kó tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.